Lẹ́tà Kan Kì Í Ṣe Ọ̀rọ̀ Kóòtù

Lẹ́tà kan ṣoṣo ló dá iṣẹ́ abẹ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin dúró. Lẹ́tà náà ni "h". Kì í ṣe pé owó ò sí. Kì í ṣe pé àwọn dókítà dáṣẹ́ sílẹ̀. Iná ìjọba pàápàá wà lọ́jọ́ náà. "H" ni o.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn náà kí n tó bínú. Ẹ jẹ́ ká pe ẹ̀gbọ́n mi ní Fọláṣadé Adéoyè. Orúkọ rẹ̀ gan-an kọ́ nìyẹn, àmọ́ ìṣòro tó wà nínú orúkọ yìí náà ló wà nínú tirẹ̀. Ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, ó bímọ sí ilé-ìwòsàn ìjọba kan. Wọ́n fún un ní káàdì, wọ́n kọ FOLASADE ADEOYE sí i, wọ́n sì fún un ní nọ́ńbà. Lẹ́yìn tó bímọ tán, ẹ̀jẹ̀ dà lára rẹ̀ gan-an, wọ́n bá fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára. Bí ẹ̀jẹ̀ yẹn ṣe ń wọlé ni òtútù bẹ̀rẹ̀ sí í mú un, ara rẹ̀ gbóná, wọ́n sì tètè dá a dúró. Gbogbo èyí ni wọ́n kọ sínú fáìlì rẹ̀.

Lọ́dún yìí, wọ́n ní ijù inú rẹ̀, èyí tí gbogbo èèyàn ń pè ní fáíbírọ́ìdì, gbọ́dọ̀ jáde. Ó padà sí ilé-ìwòsàn kan náà, ó mú káàdì àtijọ́ dání. Akọ̀wé tó wà lójú wíńdò ò wo nọ́ńbà tó wà lórí káàdì náà rárá. Ohun tó bi í ni pé, "Mà, kí lorúkọ yín?" Ẹ̀gbọ́n mi dá a lóhùn bí a ṣe ń pe orúkọ. Akọ̀wé gbọ́ "ṣ", ó tẹ "sh", ó di FOLASHADE. Kọ̀ǹpútà ní òun ò mọ ẹnikẹ́ni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ká ní nọ́ńbà ló tẹ̀ ni, fáìlì àtijọ́ ì bá yọjú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kíá, ó ṣí fáìlì tuntun, ó fún un ní nọ́ńbà tuntun àti káàdì tuntun. Ẹ̀gbọ́n mi kó káàdì méjèèjì sínú báàgì rẹ̀, ó ń lọ. Ta ló máa rò pé èèyàn méjì ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ òun dà?

Ọjọ́bọ̀ ni iṣẹ́ abẹ. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, dókítà kọ fọ́ọ̀mù pé kí wọ́n tọ́jú ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ dè é. Inú fáìlì tuntun ló ti wo orúkọ, nítorí náà FOLASHADE àti nọ́ńbà tuntun ló wà lórí fọ́ọ̀mù. Nọ́ọ̀sì tó gba ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀ ní kó mú káàdì wá. Èyí tó kọ́kọ́ bọ́ sí ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́ nínú báàgì ló nà sí i, ti àtijọ́ ni. Bí FOLASADE àti nọ́ńbà àtijọ́ ṣe dé ara ìgò ẹ̀jẹ̀ nìyẹn. Èmi ni mo gbé ìgò àti fọ́ọ̀mù lọ sí báńkì ẹ̀jẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni tó wà níbẹ̀ wo ọ̀kan, ó wo èkejì, ó sì dá méjèèjì padà fún mi.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi ní bíírò, ẹ jẹ́ n kàn fi h sí i."

Ó ní, "Àbúrò, tí mo bá jẹ́ kí o fi h sí i lónìí, ẹlòmíì á fẹ́ fi odindi orúkọ sí i lọ́la. Ẹ lọ gba ẹ̀jẹ̀ tuntun, kí ẹ sì lọ tún orúkọ yẹn ṣe ní rẹ́kọ́ọ̀dù."

Mo bú u nínú ọkàn mi títí mo fi dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn. Lónìí, mo wá tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, torí pé nínú gbogbo àwọn tá a bá pàdé lọ́sẹ̀ yẹn, òun nìkan ló ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe yẹ. Ẹ̀jẹ̀ inú ìgò ò ní ojú, kò ní ohùn, kò ní ilà tí èèyàn lè fi dá a mọ̀. Orúkọ àti nọ́ńbà tó wà lára ìgò nìkan lẹ̀rí pé tẹni báyìí ni. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ O, àwọn ọmọ ogun tó ń gbógun ti ẹ̀jẹ̀ A àti B ti wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Tí wọ́n bá ṣèèṣì fa A sí irú ẹni bẹ́ẹ̀ lára, ara rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ẹ̀jẹ̀ náà túútúú. Kíndìnrín lè daṣẹ́ sílẹ̀, ẹ̀mí sì lè bọ́. Ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi bíírò tún orúkọ ṣe lára ìgò ẹ̀jẹ̀ tó bá ti kúrò níwájú aláìsàn. Wọ́n á da ti àkọ́kọ́ nù, wọ́n á gba òmíì, wọ́n á sì kọ orúkọ sí i lára níwájú ẹni tí wọ́n gbà á lára rẹ̀. Ẹ má bínú sí báńkì ẹ̀jẹ̀. Ibòmíì ni ìbínú wa ti wúlò.

Ẹ jẹ́ ká wá lọ síbẹ̀, ìyẹn ẹ̀ka rẹ́kọ́ọ̀dù.

A dé ọ̀dọ̀ wọn, a ṣàlàyé. Ọmọbìnrin tó dá wa lóhùn ò tiẹ̀ gbójú sókè. Ó ní tí a bá fẹ́ yí orúkọ padà, ká lọ búra ní kóòtù, ká gba àfidáfíìtì, ká polówó rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn, ká sì mú gbogbo rẹ̀ wá. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ẹ̀yin lẹ ṣì í kọ, kì í ṣe pé mo yí orúkọ mi padà." Ó ní bí òfin àwọn ṣe rí nìyẹn. Ọkùnrin kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ wá fi àánú bá wa sọ̀rọ̀: "Mà, kí lẹ ń dà ara yín láàmú sí? Ẹ kúkú gba káàdì tuntun. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni."

Gbólóhùn méjì yìí ni mo torí ẹ̀ jókòó kọ̀wé. Wọ́n jọ ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, àmọ́ tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ni wọ́n. Ẹni àkọ́kọ́ gbé odi ga níwájú wa, ẹnì kejì sì fi ihò hàn wá lábẹ́ odi náà. Ta ló máa ru owó ọkọ̀ lọ sí kóòtù, tó máa sanwó ìbúra, tó tún máa sanwó ìwé ìròyìn nítorí "h", nígbà tí káàdì tuntun ò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ? Inú ihò yẹn ni gbogbo wa ń gbà. Èrè rẹ̀ ni pé òfin tí wọ́n ní àwọn ṣe kí àkọsílẹ̀ má baà bàjẹ́, òun gan-an ló ń bí fáìlì kejì, ìkẹta, ìkẹrin fún ẹnì kan ṣoṣo.

Fáìlì kejì yìí léwu ju àṣìkọ orúkọ lọ. Orúkọ tí wọ́n ṣì kọ, ojú lè rí i. Fáìlì tó ṣófo ò pariwo. Lórí fọ́ọ̀mù ẹ̀jẹ̀ tí dókítà kọ lọ́jọ́ yẹn, ààyè kan wà tí wọ́n ti ń béèrè bóyá wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀ sí aláìsàn lára rí, àti bóyá ara rẹ̀ kọ̀ ọ́. Dókítà ò kọ nǹkan kan síbẹ̀. Kì í ṣe pé ó ya aláìbìkítà. Fáìlì tó wà níwájú rẹ̀, ewé méjì péré ló wà nínú rẹ̀, kò sì sí ọ̀rọ̀ ìbímọ ọdún mẹ́fà sẹ́yìn níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ rèé, ẹni tí wọ́n bá ti fa ẹ̀jẹ̀ sí lára rí, ara rẹ̀ lè ti kọ́ bó ṣe máa gbógun ti àwọn nǹkan kan nínú ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíì, kódà kí ìsọ̀rí méjèèjì bára mu. Tí àwọn báńkì ẹ̀jẹ̀ bá mọ̀ ṣáájú, wọ́n á fara balẹ̀ wá èyí tó bá a mu. Ó lè gbà tó ọjọ́ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí wọn ò bá mọ̀, orí tábìlì iṣẹ́ abẹ ni wọ́n ti máa mọ̀. Ohun tí "h" gbé pamọ́ fún wa nìyẹn.

Mo mọ ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù máa fi dá mi lóhùn, ẹjọ́ wọn sì ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Wọ́n á ní àwọn èèyàn ń yá ara wọn ní káàdì. Òótọ́ ni. Ẹni tó ní ìbánigbófò ìlera á fún àbúrò rẹ̀ tí kò ní ní káàdì pé kó fi gba ìtọ́jú. Àbúrò á lọ bí ẹni pé òun ni ẹ̀gbọ́n, wọ́n á yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, èsì rẹ̀ á sì wọnú fáìlì ẹ̀gbọ́n. Lọ́jọ́ iwájú, ẹ̀gbọ́n tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ O á dé, fáìlì á ní B ni. Wọ́n á tún ní Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti ọdún 2014 sọ pé ẹni tó bá yí àkọsílẹ̀ aláìsàn po lè lọ sẹ́wọ̀n. Òótọ́ nìyẹn náà. Ẹ̀rù tó ń bà wọ́n kì í ṣe ẹ̀rù lásán.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bi ara wa: kí ni àfidáfíìtì fi hàn? Ìbúra ni. Èmi ni mo lọ, èmi ni mo sọ pé èmi ni lágbájá, akọ̀wé kóòtù sì lu òǹtẹ̀ pé mo sọ bẹ́ẹ̀. Kò wo ojú mi mọ́ fọ́tò inú fáìlì. Kò mọ ọjọ́ tí mo bímọ ní wọ́ọ̀dù yín. Ẹni tó bá fẹ́ fi káàdì oníkáàdì jẹun, ìbúra ò ní dá a dúró. Ẹ̀rí tó lágbára jù wà lọ́wọ́ ilé-ìwòsàn fúnra rẹ̀: ọjọ́ ìbí, nọ́ńbà fóònù, àdírẹ́sì, orúkọ ìbátan tó sún mọ́ni jù, ọjọ́ tí wọ́n gbà á sí wọ́ọ̀dù, àpá iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ti ṣe fún un rí. Tí ẹ bá fi ìwọ̀nyí mọ́ káàdì NIN tó mú wá, ẹ ti ní ohun tí kóòtù ò lè fún yín.

Àṣìṣe akọ̀wé yàtọ̀ sí ìyípadà orúkọ. Obìnrin tó gbé orúkọ ọkọ, ẹni tó yọ "Ifá" tàbí "Ògún" kúrò tó fi "Jésù" tàbí "Olú" rọ́pò rẹ̀, àwọn wọ̀nyí yí orúkọ padà. Kí ilé-ìwòsàn béèrè ìwé ìgbéyàwó tàbí àfidáfíìtì lọ́wọ́ wọn, mi ò ní jà. Ṣùgbọ́n Fọláṣadé ò yí nǹkan kan padà. Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ lọ́jọ́ kẹjọ ló ṣì ń jẹ́. Kọ̀ǹpútà yín tí kò ní "ṣ" ló sọ ọ́ di oríṣi méjì. Ẹ ò lè gba "ṣ" lọ́wọ́ wa tán, kí ẹ tún ní ká lọ sanwó ìtanràn rẹ̀ ní kóòtù.

Bí ọ̀rọ̀ wa ṣe yanjú nìyí. Lọ́jọ́ Rú, a béèrè olórí ẹ̀ka rẹ́kọ́ọ̀dù. Ìyá àgbàlagbà kan ni, wọ́n wọ awò. Wọ́n ní kí ẹ̀gbọ́n mi jókòó, wọ́n ní kó kọ lẹ́tà kékeré kan: orúkọ tó tọ̀nà, orúkọ tí wọ́n ṣì kọ, nọ́ńbà méjèèjì, ohun tó fẹ́ kí wọ́n ṣe, ọjọ́ àti ìbuwọ́lù. Wọ́n wo NIN rẹ̀. Wọ́n wá ní kí wọ́n gbé fáìlì méjèèjì wá.

Wọn ò kọ́kọ́ mú bíírò. Wọ́n kàwé. Wọ́n wo ọjọ́ ìbí nínú fáìlì kìíní, wọ́n wo ti èkejì, ó bára mu. Wọ́n wo nọ́ńbà fóònù. Wọ́n wo jẹ́nótáípù nínú méjèèjì, AA ni wọ́n kọ síbẹ̀. Wọ́n ṣàlàyé fún mi pé tí ọ̀kan bá sọ AA tí èkejì sọ AS, àwọn ò ní da fáìlì méjèèjì pọ̀, torí ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹlòmíì wà nínú ọ̀kan nínú wọn. Wọ́n á kọ́kọ́ ránṣẹ́ sí dókítà kí wọ́n tún àyẹ̀wò náà ṣe. Ìṣọ́ra tí mo mọ̀ nìyẹn. Kóòtù ò mọ ọ̀rọ̀ jẹ́nótáípù.

Ìgbà náà ni wọ́n wá mú bíírò. Wọ́n fa ilà kan ṣoṣo la FOLASHADE láàárín, tí èèyàn ṣì lè kà á. Wọ́n kọ FOLASADE sókè rẹ̀, wọ́n kọ déètì, wọ́n buwọ́ lùwé. Wọn ò fi nǹkan funfun pa á rẹ́, wọn ò ya ewé. Wọ́n ní ohun tí wọ́n bá pa rẹ́ ló máa ń fa ìbéèrè. Ohun tí wọ́n fa ilà sí ń dáhùn fúnra rẹ̀. Wọ́n kó ewé inú fáìlì tuntun sínú ti àtijọ́. Nọ́ńbà àtijọ́ ló dúró. Wọ́n ti nọ́ńbà tuntun pa, kí wọ́n má baà tún fún ẹlòmíì láéláé, wọ́n sì kọ ọ́ sínú kọ̀ǹpútà pé ẹni tó bá tẹ FOLASHADE, kó lọ wo FOLASADE, nọ́ńbà báyìí. Wọ́n gba káàdì tuntun lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n gé e sí méjì.

Gbogbo rẹ̀ ò tó wákàtí kan.

Mo rò pé ó ti parí, ìyá náà ní rárá, ó ku ìdajì. Àtúnṣe tó wà ní rẹ́kọ́ọ̀dù ò ní fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sí láàbù tàbí fàmásì. Àyẹ̀wò tí wọ́n ti ṣe ní orúkọ FOLASHADE tí èsì rẹ̀ ò tíì jáde, ó máa jáde ní orúkọ FOLASHADE, yóò sì wá fáìlì tí kò sí mọ́. A ní láti mú ìwé àtúnṣe lọ sí láàbù, kí àwọn fúnra wọn tún un ṣe lọ́dọ̀ tiwọn, kí wọ́n tẹ èsì náà jáde lákọ̀tun. Ìwé oògùn tí dókítà ti kọ náà, dókítà ló gbọ́dọ̀ tún un kọ. Tí aláìsàn bá fi bíírò ara rẹ̀ tún orúkọ ṣe lórí ìwé oògùn, ẹni tó wà ní fàmásì ní ẹ̀tọ́ láti kọ̀ ọ́, torí kò mọ̀ bóyá orúkọ nìkan ló tún ṣe, àbí iye oògùn náà. Tí ìbánigbófò bá wà níbẹ̀, orúkọ tó wà lọ́dọ̀ wọn gbọ́dọ̀ bá ti káàdì mu, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n á ní ẹ sanwó lápò. Gbogbo ọ̀nà wọ̀nyí la rìn. Wọ́n tún gba ẹ̀jẹ̀ mìíràn lára ẹ̀gbọ́n mi. Àmọ́ Ọjọ́bọ̀ ti kọjá, wọ́n ti fún ẹlòmíì ní ààyè rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ náà. Báńkì ẹ̀jẹ̀ ti rí ìtàn ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, wọ́n sì ti wá ẹ̀jẹ̀ tó bá a mu sílẹ̀.

Ṣé ẹ wá rí i? Ohun tí wọ́n ní kóòtù ló lè ṣe, ìyá kan ló fi bíírò, awò àti làákàyè ṣe é, nínú ọ́fíìsì kan náà tí wọ́n ti lé wa jáde lọ́jọ́ kejì rẹ̀. Òfin gan-an wà lẹ́yìn rẹ̀. Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti Nàìjíríà ti ọdún 2023, ní abala 34, fún ẹnikẹ́ni ní ẹ̀tọ́ pé kí ẹni tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ rẹ̀ tún ohun tí kò tọ̀nà nínú rẹ̀ ṣe, láìsí ìdádúró tí kò nídìí. Ilé-ìwòsàn ń tọ́jú àkọsílẹ̀, òfin náà kàn wọ́n. Nítorí náà, tí wọ́n bá ní "òfin wa nìyẹn," ẹ fi sùúrù béèrè pé kí wọ́n fi ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí hàn yín. Tí wọn ò bá rí i, ẹ kọ lẹ́tà yín, ẹ mú ẹ̀dà rẹ̀ dání, ẹ béèrè olórí ẹ̀ka.

Àwa náà ò mọ́ tán. A máa ń sọ fún akọ̀wé pé Ìyá Ìbejì lorúkọ wa. A máa ń sọ pé ọmọ ogójì ọdún ni wá nígbà tó jẹ́ mẹ́tàlélógójì. A gbàgbé káàdì sílé, a ní kí wọ́n ṣí òmíì. Mo ti gba káàdì mẹ́ta ní ilé-ìwòsàn kan ṣoṣo rí, mi ò sì rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Nísinsìnyí, tí mo bá dé ojú wíńdò, nọ́ńbà ni mo kọ́kọ́ máa ń sọ, kì í ṣe orúkọ. Mo máa ń pe orúkọ mi ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, mo sì máa ń wo ojú kọ̀ǹpútà bí wọ́n bá gbà mí láyè. Tí wọ́n bá ní "ẹ kúkú gba káàdì tuntun," mo máa ń ní rárá, ẹ ṣeun, mo ti ní ọ̀kan.

Ṣùgbọ́n ìṣọ́ra aláìsàn ò lè dí ihò tí ilé-ìwòsàn gbẹ́. Kí wọ́n fi àfidáfíìtì sílẹ̀ fún ẹni tó yí orúkọ padà. Kí wọ́n tún àṣìṣe tiwọn ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, lọ́jọ́ kan náà, níwájú aláìsàn, kí wọ́n sì jẹ́ kí ẹni tó bá fẹ́ ṣí káàdì tuntun fún ẹni tó ti ní káàdì lọ gbàṣẹ lọ́wọ́ ọ̀gá. Káàdì tuntun ló yẹ kó ṣòro. Àtúnṣe ló yẹ kó rọrùn.

Mo rí fáìlì ẹ̀gbọ́n mi lọ́jọ́ tí wọ́n dá a sílẹ̀ kó máa lọ sílé. Ó ti nípọn. FOLASHADE ṣì wà lórí ewé kan nínú rẹ̀, ilà kan gba àárín rẹ̀ kọjá, déètì àti ìbuwọ́lù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ṣí i lè rí i pé wọ́n ṣì í kọ, àti ẹni tó tún un ṣe.